Ọ̀rọ̀ ìyọkúrò: ohun tó lè mú kúrò nínú àwòrán, àti ohun tó máa ń bà jẹ́

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mókólá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, póósítà ni mò ń ṣe fún àwọn ọlọ́jà. Stable Diffusion 1.5 ni mò ń lò. Mo ní ọ̀rọ̀ ìyọkúrò kan tó gùn gbọọrọ tí mo máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo iṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe àwòrán ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Gbági: ọwọ́ yọ ìka mẹ́fà, àwòrán ṣe bàìbàì, lẹ́tà tí kò nítumọ̀ sì wà káàkiri. Bí mo ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún un ló ń burú sí i. Ibo ni mo ti ṣì í?"*

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé mọ́dẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán bíi Stable Diffusion, máa ń ya àwòrán tán ná, kó tó wá padà lọ nu ọ̀rọ̀ ìyọkúrò tí a kọ sínú àpótí `Negative prompt` kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú àwọ̀ rúdurùdu tí kò ní àwòrán kankan nínú ni mọ́dẹ̀lì ti ń bẹ̀rẹ̀. Á máa fọ rúdurùdu yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, ní ìgbésẹ̀ 20 tàbí 30, títí àwòrán á fi yọ. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ro ohun tó yẹ kó fọ̀: á rò ó pẹ̀lú àpèjúwe tí ẹ kọ, á tún rò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín èrò méjèèjì ló máa fi darí àwòrán, nọ́ńbà `CFG Scale` ló sì ń sọ bí ìdarí náà ṣe máa le tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
àbájáde = N + CFG × (P − N)
```

P ni èrò tó ti inú àpèjúwe wá, N ni èyí tó ti inú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò wá. Ẹ fi 7 sí ipò CFG, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ẹ ó rí i pé ìṣirò náà di 7P − 6N. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n yọ ohun tí ẹ kọ sínú àpótí yẹn, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lára gbogbo àwòrán látòkè délẹ̀. Mọ́dẹ̀lì kò mọ̀ pé ọwọ́ nìkan ni ẹ ń bá wí. Tí ẹ bá gbé CFG sókè sí 12, ó di 12P − 11N, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, awọ ara á sì máa dán bí ike. Ìdí nìyẹn tí fífi nọ́ńbà ńlá ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, irú `(blurry:1.6)`, fi máa ń ba àwòrán jẹ́ ju kó tún un ṣe lọ. Tí ọ̀rọ̀ kan bá nílò agbára díẹ̀ sí i, 1.2 tàbí 1.3 tó o.

Ìṣirò yẹn kan náà ló jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyọkúrò kò ti lè ṣe ohunkóhun. Tí CFG bá jẹ́ 1, àwọn N méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, P nìkan á ṣẹ́ kù. Àwọn mọ́dẹ̀lì tí wọ́n ṣe kó lè yára, bíi SDXL Turbo, àti FLUX.1 bí wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó, kì í lo ìdarí yìí rárá. Ẹ lè kọ ojú ìwé kan kún àpótí náà, kò ní yí nǹkan kan padà. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìyọkúrò òun kò ṣiṣẹ́, irú mọ́dẹ̀lì tó ń lò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ṣe tẹ̀ lé e ni pé á kọ `no text` tàbí `no extra fingers` sínú àpèjúwe gan-an. Ìyẹn tún burú jù, nítorí `no` kò lágbára tó lójú mọ́dẹ̀lì. `text` àti `fingers` ló máa gbọ́, á sì gbé wọn wá fún un.

Ó tún wà níbẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni mọ́dẹ̀lì mọ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ èdè. Ọ̀pọ̀ fótò ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `watermark` tàbí `text` sí lábẹ́, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ní ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ta ló máa ya fótò ìyàwó tí á kọ `extra fingers` sábẹ́ rẹ̀? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ohun tí mọ́dẹ̀lì lè dì mú nínú gbólóhùn yẹn ni `fingers`. Tí ẹ bá wá yọ ìka nígbà mẹ́fà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n tó máa dá ni pé á gbé ọwọ́ pa mọ́: ọwọ́ á wọnú aṣọ, tàbí á lọ sẹ́yìn, tàbí àwòrán á gé ní ọrùn ọwọ́. Ìyá tó yẹ kó na aṣọ òfì sí oníbàárà á wá dúró bí ẹni tí wọ́n di lápá. Bí ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ ń pòórá nínú àwòrán kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyọkúrò ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká wá mú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín yìí. Irú ọ̀rọ̀ gígùn tí àwọn èèyàn máa ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn sábà máa ń rí báyìí:

```
ugly, deformed, disfigured, blurry, bad anatomy,
extra fingers, extra limbs, duplicate, text,
watermark, dark, wrinkles, cropped, oversaturated
```

Ẹ wò ó pẹ̀lú àwòrán ìyá aláṣọ òfì lọ́kàn. `duplicate` àti `extra limbs` lè kó àwọn èèyàn ọjà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ibi tí èrò pọ̀ sí ni apá àti ojú tó jọra pọ̀ sí. Ẹ ó wá rí Gbági lọ́sàn-án gangan tó dá bí ọjọ́ ìsinmi. `oversaturated` á fọ àwọ̀ pupa àlàárì, á jẹ́ kó ṣí, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹn gan-an lẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ń tà. `wrinkles` á sọ ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún di ọmọge. `ugly` àti `disfigured` máa ń fa gbogbo ojú sí apá kan náà: ojú tín-ín-rín, awọ tí kò ní àbààwọ́n kankan, tí ilà bá sì wà ní ojú, ó lè lọ. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni `dark`. Ẹni tó kọ ọ́ ń ro òkùnkùn, àwòrán tí iná kò tó. Mọ́dẹ̀lì kò yà á sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yàrá, fún ojú ọ̀run, fún irun àti fún awọ ara. Ẹ ó kàn rí i pé ìyá náà ń pupa sí i, ẹ ó sì máa fi ọ̀rọ̀ kún àpèjúwe láti dá àwọ̀ rẹ̀ padà, láìmọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fà á lọ sí apá kejì. Tí iná bá kéré nínú àwòrán, inú àpèjúwe lẹ ti máa tún un ṣe: ẹ kọ `bright midday sunlight`, kí ẹ sì yọ `dark` dànù.

Ìdí tí fífi ọ̀rọ̀ kún un fi ń mú kó burú ni pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í dá ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń para pọ̀ di ìfà kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá ṣe ń kó wọn jọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń rẹ̀ sí i, tí ibi tí gbogbo wọn jọ ń fà á sí kò sì ní ṣeé mọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ àpótí yẹn di òfìfo. Ẹ mú nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yòówù yàtọ̀ sí -1, sínú `Seed`, torí òun ló ń pinnu rúdurùdu tí àwòrán máa ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má yí i padà mọ́, kí ẹ sì ní kó ṣe àwòrán mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ohun tó bàjẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí àléébù kan bá wà nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i nítorí rẹ̀, kí ẹ ṣe mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Ẹ wá gbé ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì síra. Tí àléébù náà kò bá lọ, tàbí tó lọ ṣùgbọ́n tó mú nǹkan míì tẹ́ ẹ fẹ́ dání lọ, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Tí `Seed` bá ń yí padà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yín ló ṣiṣẹ́ ni àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ bá ṣe é tán.

Lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló rọrùn jù. Kí ẹ tó kọ `text` sínú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò, ẹ padà lọ ka àpèjúwe yín. Ẹni tó ń ṣe póósítà sábà máa ń kọ `flyer`, `poster` tàbí `advert` síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí póósítà tí mọ́dẹ̀lì rí rí tí kò ní lẹ́tà lára, nítorí náà ẹ̀yin lẹ pe lẹ́tà náà wá. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ kọ `photo` dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà yẹn á lọ láìlo ọ̀rọ̀ ìyọkúrò kankan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tó jọ orúkọ ayàwòrán ní ìgun ìsàlẹ̀, ni `watermark, signature` wúlò fún, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. `text` ni kí ẹ ṣọ́ra fún nínú àwòrán ọjà, torí á bá yín kó páálí orúkọ ìsọ̀ kúrò, ìsọ̀ á wá ṣófo gbàgẹ̀dẹ̀. Ó tún ní bó ṣe máa ń ṣe òdì: tí ọ̀rọ̀ ìyọkúrò bá wọlé láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sí ohun tó jọ lẹ́tà nínú rúdurùdu yẹn, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló máa fi lẹ́tà síbẹ̀. Tí ẹ bá ń lo AUTOMATIC1111, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń darí Stable Diffusion, ẹ lè ní kó dúró díẹ̀ ná kó tó wọlé:

```
watermark, signature, [text:0.2]
```

Nínú iṣẹ́ onígbèésẹ̀ 30, `text` kò ní wọlé àyàfi lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹfà. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí oníbàárà kà, irú orúkọ ìsọ̀ àti nọ́ńbà fóònù, ẹ má gbé e fún Stable Diffusion 1.5 rárá. CorelDRAW ni kí ẹ fi kọ ọ́ lé àwòrán lórí, níbi tí ẹ ti lè fi àmì sórí ẹ àti ọ bó ṣe yẹ.

Bàìbàì ní oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni `blurry` lè ràn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ fúnra yín béèrè. Tí `bokeh` tàbí `shallow depth of field` bá wà nínú àpèjúwe, tí `blurry` tún wà nínú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò, ẹ ti ní kí ó ṣe bàìbàì, ẹ sì ti ní kó má ṣe é. Mọ́dẹ̀lì kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá náà lẹ fẹ́ kó ṣe bàìbàì, pé iwájú kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Á jẹ́ kí ojú ìyá, páálí ìsọ̀ àti òrùlé páànù hàn kedere bákan náà, gbogbo rẹ̀ á máa gún ojú, ojú ẹni tó ń wò ó kò sì ní mọ ibi tó máa bà lé. Èkejì ni ti ìwọ̀n. Orí àwòrán píkísẹ́lì 512 ni wọ́n ti kọ́ Stable Diffusion 1.5. Bébà A4 tí ẹ fẹ́ tẹ̀ dáadáa, ní 300 dpi, ń béèrè píkísẹ́lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gíga. Tí ẹ bá tẹ 512 yẹn bó ṣe wà ní 300 dpi, kò ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá nà án kó kún bébà, ọ̀rọ̀ yòówù tí ẹ bá kọ sínú àpótí, bàìbàì ló máa ṣe. `Hires. fix` ni kí ẹ tàn, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí `Upscaler` jẹ́ `R-ESRGAN 4x+` dípò `Latent`, kí `Denoising strength`, tó ń sọ bí ó ṣe máa tún àwòrán yà tó, wà láàárín 0.3 sí 0.5. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn máa na bàìbàì náà ni. Tó bá ga jù, ó lè gbé ojú tuntun sí inú òdòdó aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá lè fi ohun èlò tó ń mú àwòrán tóbi gbé e dé ìwọ̀n bébà. Oríṣi kẹta, tí gbogbo àwòrán kàn ń rọ̀ láìsí ìdí, bóyá nítorí pé àpèjúwe yín jọ ti fótò bàìbàì, òun ni `blurry` ń ṣiṣẹ́ fún.

Ìka ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó sì ń fà á kò sí lára ọ̀rọ̀. Stable Diffusion kì í ṣiṣẹ́ lórí píkísẹ́lì fúnra rẹ̀. Orí àwòrán tí wọ́n fún pọ̀ di ihò kéékèèké ló ti ń ṣiṣẹ́, ihò kan fún píkísẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní gíga, nítorí náà àwòrán 512 di ihò 64 sí ihò 64. Nínú àwòrán tí ìyá náà dúró tán láti orí dé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè má ju píkísẹ́lì 40 lọ ní ìbú. Ihò márùn-ún nìyẹn. Ìka márùn-ún àti àlàfo tó wà láàárín wọn, pẹ̀lú ìṣẹ́po aṣọ tí wọ́n dì mú, inú ihò márùn-ún ló ní láti há gbogbo rẹ̀ sí. Kò lè gbà á. Bẹ́ ẹ bá kọ `extra fingers` nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní fi ihò kan kún un.

Nítorí náà, àyè ni kí ẹ fún ọwọ́ náà. Ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìka kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò, kí ẹ mú àwòrán tí ohun gbogbo dára nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́, kí ẹ gbé e lọ sí `Inpaint`. Ẹ kun ọwọ́ yẹn mọ́lẹ̀, títí kan ọrùn ọwọ́ àti díẹ̀ nínú aṣọ tó dì mú, torí tó bá jẹ́ ìka nìkan lẹ kùn, mọ́dẹ̀lì kò ní mọ ibi tí ọwọ́ ti wá. Ẹ mú `Only masked` ní `Inpaint area`. Iṣẹ́ tó máa ṣe ni pé á gé ibi tí ẹ kùn nìkan, á gbé e tóbi dé 512, á tún un yà, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ tó ní ihò márùn-ún tẹ́lẹ̀ ti wá ní ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí àpèjúwe padà sí ohun tó wà níbẹ̀ nìkan:

```
close-up of an older Yoruba woman's hand holding folded
woven cloth, four fingers in front, thumb behind
```

Tí ẹ bá fi àpèjúwe gbogbo ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè ya ìyá kékeré kan sínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. `Denoising strength` ni kí ẹ fi ojú sí. Ní 0.3, ìka kẹfà á ṣì wà níbẹ̀, á kàn mọ́ sí i ni. Ní 0.8, ọwọ́ míì tí kò bá apá mu ló máa gbé wá, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yàtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.5, ẹ ṣe mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mú èyí tó dára jù. Tí ìka kẹfà bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ gbé àwòrán lọ sí Photoshop, kí ẹ fi àwọ̀ aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kun ìka náà mọ́lẹ̀, kò pọn dandan kó mọ́ rárá, kí ẹ wá dá a padà sí `Inpaint` ní 0.4. Èyí ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ẹ ti fi ibi tí ìka parí sí hàn án.

Àwọn fáìlì kéékèèké bíi EasyNegative náà wà, tí ẹ kàn máa kọ orúkọ wọn sínú ọ̀rọ̀ ìyọkúrò. Fún àwòrán bíi ti kàtúùnù Jàpáànù ni wọ́n ṣe EasyNegative, ó sì lè yí ojú àti àwọ̀ fótò padà. Fáìlì tí wọ́n ṣe fún 1.5 kò sì bá SDXL ṣiṣẹ́. Nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe yìí, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ lò ó.

Fún ìyá aláṣọ òfì yìí, `watermark, signature` ló yẹ kó ṣẹ́ kù nínú àpótí yẹn, kí `blurry` tẹ̀ lé e tó bá jẹ́ pé àwòrán mẹ́rin tí ẹ fi dán an wò fi hàn pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó ṣì máa ṣòro ni ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn, bí ẹni tó ń ka owó tàbí tó ń so gèlè. `Inpaint` náà kì í fi gbogbo ìgbà rí ti ìyẹn ṣe lórí 1.5, torí mọ́dẹ̀lì kì í mọ ìka tó jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún àti èyí tó jẹ́ ti òsì níbi tí wọ́n ti pàdé. Tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ìyá náà fi ọwọ́ kan gbé aṣọ dání síwájú àyà, kí ọwọ́ kejì wà lábẹ́ aṣọ tó ká jọ. Tí kò bá fara mọ́ ọn, tó ní owó kíkà lòun fẹ́, ẹ fi fóònù ya fótò ọwọ́ gidi tó ń ka owó, kí ẹ gbé e lé àwòrán náà lórí ní Photoshop, kí ẹ wá fi `Inpaint` ní 0.25 tàbí 0.3 lẹ eteetí rẹ̀ pọ̀ mọ́ apá.